Mátírọ̀n bi mí léèrè ìròyìn nínú gúrúùpù, nọ́ńbà tí wọ́n kọ kò sì bá rẹ́jísítà mu: báwo ni kí n ṣe fèsì?

Akọ̀wé Ìsánlú

Ọ̀kún gbogbo ilé o. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ kan kí n tó tẹ ẹ́ lọ.

Ibùdó ìlera kan ní ilẹ̀ Yàgbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀. Mátírọ̀n wa ju ìyá tó bí mi lọ lọ́jọ́ orí, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fẹ̀yìn tì. Bí oṣù bá parí, a máa ń kó gbogbo iye àwọn tí a tọ́jú sínú fọ́ọ̀mù kan, a ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e. Mátírọ̀n fúnra wọn ni wọ́n kọ apá abẹ́rẹ́ àjẹsára lóṣù yìí.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n kọ ọ́ sínú gúrúùpù Wásáàpù ibi iṣẹ́, níbi tí gbogbo wa wà títí kan ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹnu géètì: "Akọ̀wé, ìròyìn oṣù dà? Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ti ń pè mí láti àná. Ṣé ìgbà tí wọ́n bá fún mi ní kúérì lo tó máa fi ránṣẹ́?"

Ohun tó dá a dúró rèé. Níbi Pẹ́ńtà 3, abẹ́rẹ́ tí ọmọ ń gbà ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, 43 ni wọ́n kọ. Mo ka rẹ́jísítà, 34 ni mo bá. Pẹ́ńtà 1, ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, sì jẹ́ 38. Bí mo bá fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á bi wá pé báwo ni àwọn ọmọ tó gba ẹ̀kẹta ṣe pọ̀ ju àwọn tó gba àkọ́kọ́ lọ. Mo mẹ́nu bà á fún wọn lọ́jọ́ Ẹtì bí wọ́n ṣe ń jáde lọ sílé, wọ́n ní "a ó wò ó".

Èsì tí mo kọ sílẹ̀ tí n kò tíì fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀yin lẹ ò tíì fún mi ní nọ́ńbà tó péye. Mo ti sọ fún yín lọ́jọ́ Ẹtì pé Pẹ́ńtà 3 kò bá rẹ́jísítà mu. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún un ṣe kíákíá kí n lè fi ránṣẹ́."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á. Kí ni kí n yí pa dà?

Ọmọ Ìjùmú

Èmi ò rí àrífín kankan níbẹ̀. O kí wọn, o pè wọ́n ní "mà", o lo "ẹ" láti òkè dé ìsàlẹ̀, o sì tún bẹ̀ wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa fi kún un ni "Mọ́mì". Bí o bá ti pe obìnrin tó jù ọ́ lọ ní Mọ́mì, inú rẹ̀ á yọ́, ohun yòówù kí o wá sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ Bùnú

Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ ni mo rò pé o fẹ́ béèrè. Níbi iṣẹ́ tèmi, àwa ọkùnrin kì í dọ̀bálẹ̀ láàárín ọ́fíìsì, a kàn máa ń tẹrí ba díẹ̀ ni. Àwọn obìnrin máa ń tẹ orúnkún díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kí o tó bá wọn sọ̀rọ̀, ṣe ìyẹn ná, wọ́n á gbọ́ tìrẹ.

Akọ̀wé Ìsánlú

Ẹ ṣeun. Ti ìkíni ojúkojú kò fi bẹ́ẹ̀ ni mí lára. Ọ̀rọ̀ tí a fi ọwọ́ tẹ̀, tí ènìyàn kò rí ojú mi nígbà tó ń kà á, ni mo ń bẹ̀rù.

Bàbá Kàbbà

Ọmọ mi, o ṣe é tí o kò tíì fi ránṣẹ́. Ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara ni mo wọ iṣẹ́ ìjọba, a sì wá di ará Kogi nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀ ní 1991. Ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ọ̀pọ̀ kúérì ló gba ọwọ́ mi kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe nítorí iṣẹ́ tó bàjẹ́. Èsì tí ọmọ iṣẹ́ fún ọ̀gá ló dá a sílẹ̀, "ẹ" sì wà nínú ọ̀pọ̀ èsì bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa tó wá láti Ìjùmú ń wo "ẹ" àti "mà". Wọ́n gbọ́dọ̀ wà, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè fi "ẹ" bú àgbà láti àárọ̀ di alẹ́. Ibi tí ìjàngbọ̀n wà nínú èsì rẹ jẹ́ mẹ́rin, jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni "Ẹ̀yin lẹ". Bí gbólóhùn bá ti fi "ẹ̀yin ni" bẹ̀rẹ̀, ìka lo nà sí ojú ẹni náà, ohun yòówù kó tẹ̀ lé e. Gbọ́ ọ bí gúrúùpù ṣe máa gbọ́ ọ: ẹ̀yin ni, kì í ṣe èmi. Yọ ènìyàn kúrò níbẹ̀, kí o sì fi ìwé sípò rẹ̀: "43 ló wà nínú fọ́ọ̀mù, 34 ni mo rí nínú rẹ́jísítà." Ohun kan náà lo sọ, kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àti ìwé ló kù tó ń bára wọn jà.

Ìkejì ni "Mo ti sọ fún yín". Àgbà ló máa ń sọ ìyẹn fún ọmọdé. Bí ọmọdé bá sọ ọ́ fún àgbà, ohun tó ń sọ ni pé ẹ ò gbọ́ràn. Bí o bá fẹ́ rán wọn létí ọjọ́ Ẹtì, sọ pé: "Lórí ọ̀rọ̀ tí mo mẹ́nu bà lọ́jọ́ Ẹtì". Ọjọ́ náà ṣì wà níbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tọpasẹ̀ rẹ̀ lọ́la.

Ìkẹta, "ẹ tún un ṣe". Àṣẹ ni, "ẹ jọ̀wọ́" kò sì yọ àṣẹ kúrò nínú rẹ̀. O tún ti dá ẹjọ́ tán kí wọ́n tó sọ tẹnu wọn. "Ẹ bá mi wò ó" ni kí o lò. Kì í ṣe ọgbọ́n ẹnu lásán, nítorí o ò tíì mọ ibi tí nọ́ńbà yẹn ti wá.

Ìkẹrin ni "kíákíá". Ọmọ iṣẹ́ kì í ki eré bọ àgbà lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń retí ìwé ni kí o fi àkókò lé lórí: "wọ́n fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọ́fíìsì tó palẹ̀mọ́ lónìí". Mátírọ̀n mọ aago tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ń palẹ̀mọ́, wọ́n á ṣírò rẹ̀ fúnra wọn.

Nípa "Mọ́mì", ẹ rọra lò ó. Mo mọ àwọn ọ̀gá obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀, mo sì mọ àwọn tó ní kí wọ́n má pe àwọn bẹ́ẹ̀ mọ́, pàápàá níwájú àlejò láti Lọ́kọ́jà. "Mà" kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ bàbá. Mo fẹ́ sọ bó ṣe máa ń rí lára àwa tí wọ́n ń fèsì fún, nítorí èmi náà ni mo máa ń buwọ́ lu irú fọ́ọ̀mù yìí níbi tí mo wà.

Akọ̀wé, kí o tó ronú ọ̀rọ̀ tí o máa lò, ronú ibi tí o máa sọ ọ́. Inú gúrúùpù ni mátírọ̀n rẹ ti béèrè, bí o bá sì dákẹ́ níbẹ̀ pátápátá, ó dà bí ẹni pé o rí i tí o kò kà á sí. Bí o bá ṣàlàyé níbẹ̀, o tú wọn síta lójú àwọn tí wọ́n ń darí. Nítorí náà, èsì méjì ni. Ti gúrúùpù á kúrú, kò ní ní nọ́ńbà kankan nínú. Ti ìkọ̀kọ̀ ni àlàyé á wà.

Èyí tí mo máa kọ sí gúrúùpù: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ti rí ọ̀rọ̀ yín. Ìròyìn náà ń lọ lọ́wọ́, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín nísinsìnyí." Ó tán. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kò sì fi ara rẹ̀ hàn bí ọ̀lẹ. Àwọn ará gúrúùpù rí i pé o dáhùn, mátírọ̀n náà rí i pé o bo àṣírí.

Má ṣe ya fọ́tò rẹ́jísítà sínú gúrúùpù láti fi hàn pé ìwọ lo jàre o. Orúkọ àwọn ọmọ àti àwọn ìyá wọn wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun tí gbogbo òṣìṣẹ́ yẹ kó máa pín kiri.

Ẹ̀wẹ̀, ṣé o ti béèrè nípa àwọn ọmọ tí wọ́n gún ní abúlé? Bí a bá gbé páálí abẹ́rẹ́ lọ sí oko, inú bébà ọ̀tọ̀ la máa ń fa ìlà sí. Ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ wọ rẹ́jísítà ńlá. Ọmọ tó gba àkọ́kọ́ níbòmíràn sì lè wá gba ẹ̀kẹta lọ́dọ̀ yín. 43 àti 34 jọ nọ́ńbà tí ènìyàn kọ lódìkejì, mo gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí. Ìyẹn ló mú kí n fẹ́ràn "ẹ bá mi wò ó" tí bàbá sọ.

Akọ̀wé Ìsánlú

Ẹ̀rù ti ń bà mí díẹ̀ báyìí, nítorí n kò wo bébà ti oko rárá. Ọ̀dọ̀ mátírọ̀n ló máa ń wà.

Mo tún un kọ báyìí fún ìkọ̀kọ̀, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú wàhálà àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ tí mo mẹ́nu bà lọ́jọ́ Ẹtì, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Níbi Pẹ́ńtà 3, 43 ló wà nínú fọ́ọ̀mù, 34 ni mo kà nínú rẹ́jísítà. Pẹ́ńtà 1 jẹ́ 38. Ó lè jẹ́ pé ti àwọn ọmọ tí a gún ní abúlé ni kò tíì wọ rẹ́jísítà, ó sì lè jẹ́ pé èmi ni mo kà á fò. Mo máa gbé rẹ́jísítà wá sọ́dọ̀ yín bí ó bá rọrùn fún yín ṣáájú aago méjìlá. Wọ́n fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ wọn lónìí. Ẹ ṣé mà."

Bàbá Kàbbà

Ó ti dára gan-an. "Ẹ kú wàhálà àwọn ìjọba ìbílẹ̀" yẹn wù mí. Wọ́n ti ń gba ìpè láti àná, o sì fi hàn pé o mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Kíkí tó bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àgbà mu máa ń wọra ju "ẹ káàárọ̀" tí a kàn sọ kọjá lọ.

Ohun kan ni kí o ronú sí: "ó lè jẹ́ pé èmi ni mo kà á fò". Bí o bá ti kà á lẹ́ẹ̀kejì tí ó ṣì jẹ́ 34, yọ ọ́. Má ṣe purọ́ mọ́ ara rẹ nítorí ọ̀wọ̀. Bí o kò bá tíì tún un kà, fi í sílẹ̀, nítorí òótọ́ ni.

Ọmọ Ìjùmú

Ẹ gbà mí láàyè, ẹ̀yin bàbá. Gbogbo èyí ti gùn jù fún mi. Ní ilé tiwa, bí a bá ń sọ èdè wa gan-an, àwọn àgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ wo "ẹ" tàbí "ìwọ" bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe máa ń wò ó. Ọmọdé lè bá bàbá àgbà sọ̀rọ̀ láìlo "ẹ" kankan, kí bàbá má sì rí i bí ẹ̀gbin, bí ọmọ náà bá ṣáà ti kí i dáadáa. Ibo la ti kó gbogbo ìgbékalẹ̀ yìí wá?

Bàbá Kàbbà

Òótọ́ wà nínú ohun tí o sọ nípa ilé. Èmi náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn bàbá mi. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ìwọ fúnra rẹ sọ: "bí ó bá ti kí i dáadáa". Ìkíni, orúkọ tí o fi pè é, àti ohùn ẹnu ló ń ṣe iṣẹ́ tí "ẹ" ń ṣe níbòmíràn. Wásáàpù kò ní ohùn. Òṣìṣẹ́ láti Ìlọrin, láti Ìbàdàn, láti ibi gbogbo sì wà nínú gúrúùpù ọ́fíìsì, àwọn wọ̀nyẹn kò mọ bí ilé yín ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí o bá jókòó ti àgbà ilé rẹ lábẹ́ igi, sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Bí o bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá, lo "ẹ".

Ọmọ Ìjùmú

Mo gbà fún ti ọ́fíìsì. N kò gbà pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Ẹ̀gbẹ̀

Tèmi yí orí po. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́wàá. Bí ó bá kọ̀wé sí mi, ó máa ń lo "ẹ", ìyẹn dára. Èmi ni n kò mọ èyí tí mo máa lò. Bí mo bá lo "o", àwọn tíṣà kéékèèké á máa wò ó pé èmi kò ka ọ̀gá sí. Bí mo bá lo "ẹ", ara rẹ̀ kì í lélẹ̀, á ní "bàbá, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀". Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní kí n mú àwọn máàkì ìdánwò wá lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí mo mọ̀ pé n kò lè parí rẹ̀ ṣáájú ọjọ́rú. N kò tíì dá a lóhùn.

Bàbá Kàbbà

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ìwọ̀n méjì ló wà lọ́wọ́ yín, ọjọ́ orí àti ipò, wọn kì í sì í ṣiṣẹ́ níbì kan náà. Nínú ìwé àti nínú ìpàdé, ipò ló ń ṣáájú, ẹ lo "ẹ" àti "sà" fún un. Bí ẹ bá jẹ́ ẹ̀yin méjì péré, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ bó ṣe fẹ́. Ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ gbà fún un níbẹ̀.

Ní ti máàkì, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ Ajé dé kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó kéré lọ́jọ́ orí máa ń fura pé àgbà ń fi òun ṣeré, ìdákẹ́jẹ́ yín á sì dà bí ìyẹn gan-an. Ẹ fún un ní ohun tó lè dì mú: "Sà, kíláàsì méjì ti parí, màá mú wọn wá lọ́jọ́ Ajé bí ẹ ṣe sọ. Ti kíláàsì kẹta á dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́rú." Ẹ ò sọ pé "kò ṣeé ṣe". Ohun tó ṣeé ṣe lẹ sọ, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, òun náà á sì lè fi ìyẹn dá ẹni tó wà lókè rẹ̀ lóhùn.

Ará Lọ́kọ́jà

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ́fíìsì tèmi ní Lọ́kọ́jà, ọ̀gá àgbà jẹ́ Ígálà, igbákejì rẹ̀ jẹ́ Ẹ̀bìrà, Gẹ̀ẹ́sì la sì ń kọ. Kò sí "ẹ" nínú Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ibòmíràn la gbọ́dọ̀ gbé ọ̀wọ̀ náà sí. Ohun tí mo ti rí ni pé gbólóhùn tó kúrú jù máa ń dun àgbà. Bí ọ̀gá bá kọ ìlà mẹ́ta sí ẹ, má ṣe fi àwòrán àtàǹpàkò lásán dá a lóhùn. Ọ̀gá ló lè fi ìyẹn dá ọ lóhùn, ìyẹn kò burú. Ìwọ ní láti kọ pé o ti gbà á, kí o tún sọ ohun tí o máa ṣe sí i àti ìgbà tí o máa ṣe é.

Má sì yin ọ̀gá bí ẹni pé ìwọ ni tíṣà rẹ̀. Mo rí ọmọkùnrin kan tó kọ "Ẹ gbìyànjú gan-an, sà" sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ níbi ìpàdé. Ọkàn rere ló fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lókè ló ń sọ fún ẹni ìsàlẹ̀ pé ó gbìyànjú. "Ẹ ṣeun sà, a jèrè púpọ̀" ni ì bá kọ.

Ọmọ Bùnú

Kí ló dé tí akọ̀wé kò kàn fi ohùn ránṣẹ́? Bí a bá gbọ́ ohùn ènìyàn, a mọ̀ bóyá ó ń gbéra ga tàbí kò gbéra ga. Ìṣẹ́jú kan péré ni.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà

Ìwọ gan-an lo jàre níbi kan: ohùn máa ń rọ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà lórí aláìsàn, ta ló máa bá mi gbọ́ ohùn gígùn? N kò lè fi ojú wò ó fìrí bí mo ṣe lè fi ojú wo ohun tí a kọ. Nọ́ńbà kì í sì dúró lórí nínú ohùn. Láìpẹ́ màá tún máa bi ọ́ pé èwo lo ní ó jẹ́ 34.

Ọmọ Bùnú

Ìyá mi kì í ka ohun tí a kọ rárá, ohùn nìkan ló fẹ́. Bóyá ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Akọ̀wé Ìsánlú

Mo ní ìbéèrè kan sí i. Bí mátírọ̀n bá wá wo ìwé tán tí wọ́n sì ní "fi 43 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀" láìsọ ìdí ńkọ́? Èmi ni wọ́n máa pè bí wọ́n bá wá yẹ ìwé wò.

Bàbá Kàbbà

Ibí yìí ni ọ̀wọ̀ ti ní ààlà. O lè rọ ohùn rẹ, ṣùgbọ́n má rọ nọ́ńbà. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ni kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n máa fi dá ẹni òkè lóhùn: "Mo gbọ́ mà. Bí wọ́n bá bi mí léèrè, kí ni kí n sọ fún wọn pé ó fà á?" Ọ̀rọ̀ tó tẹrí ba ni, kò sì sí bí àgbà ṣe lè dá a lóhùn láìsọ ìdí. Bí ìdí bá wà, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù, kí wọ́n buwọ́ lù ú.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n bí ọmọ iṣẹ́ mi bá ní kí n buwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ fọ́ọ̀mù, mo máa mọ̀ pé ó ń wá ẹ̀rí tó máa fi mú mi. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn dára. Ti ìbuwọ́lù yẹn, mi ò mọ̀ o.

Bàbá Kàbbà

Mo mọ̀ pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ tó gba ìyà nọ́ńbà tí ọ̀gá rẹ̀ kọ, nítorí pé kò sí ohun tó fi hàn. Bí ó bá jẹ́ gbogbo oṣù ni ẹ ń kọ ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tó bá yàtọ̀, tí kì í ṣe oṣù tí ìjà wà nìkan, kò ní dà bí ìdẹkùn.

Ohun mìíràn tó jọ ọ́: bí ó bá di kúérì lóòótọ́, má ṣe kó "ẹ má bínú" kún ìwé ìdáhùn. Lẹ́nu, bíbẹ̀bẹ̀ ń tu àgbà lára. Nínú ìwé tó máa wọ fáìlì, ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọdún díẹ̀ á ní o ti jẹ́wọ́ ẹ̀bi. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, fi ìwé tó tì í lẹ́yìn kún un, kí o sì dáhùn kí àkókò tí wọ́n dá fún ọ tó pé. Lẹ́yìn náà, lọ bẹ ọ̀gá nílé bí o bá fẹ́, ìyẹn kò wọ fáìlì.

Akọ̀wé Ìsánlú

Mo ti padà dé. Mo fi ti gúrúùpù ránṣẹ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ ọ́, mo fi ti ìkọ̀kọ̀ náà ránṣẹ́. Mo ti tún rẹ́jísítà kà, 34 náà ni, nítorí náà mo yọ ọ̀rọ̀ "mo kà á fò" kúrò. Wọ́n ní kí n máa bọ̀.

Bébà ti oko wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn lóòótọ́. Ọmọ mẹ́sàn-án ló gba Pẹ́ńtà 3 ní abúlé, 34 àti 9 sì jẹ́ 43. Nọ́ńbà tiwọn ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo òkè bébà náà, ọmọ méje tó gba Pẹ́ńtà 1 wà níbẹ̀ tí wọn kò kà mọ́ 38, ó yẹ kó jẹ́ 45. Mo ní, "Mà, àwọn méje yìí ńkọ́, ṣé ibòmíràn ni a ti kà wọ́n?" Wọ́n wò ó, wọ́n gba báírò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì yí i pa dà fúnra wọn, wọ́n buwọ́ lù ú láìjẹ́ pé mo béèrè. A kọ àwọn mẹ́rìndínlógún náà wọ rẹ́jísítà kí n tó dìde. Ìròyìn ti lọ.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà

O ṣeun. "Ṣé ibòmíràn ni a ti kà wọ́n?" yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa sọ. Láti oṣù tó ń bọ̀, lọ béèrè bébà ti oko lọ́wọ́ wọn kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí kà. "Mà, ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ ti oko wọ rẹ́jísítà" ni kí o sọ. Iṣẹ́ lo gbà lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní kọ̀.

Tíṣà Ẹ̀gbẹ̀

Mo ti kọ tèmi náà sí ọ̀gá, bí bàbá ṣe là á sílẹ̀: kíláàsì méjì lọ́jọ́ Ajé, ìkẹta lọ́jọ́rú. Ó dáhùn pé "Ẹ ṣé bàbá, ẹ jẹ́ kí ìkẹta wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ní ìrọ̀lẹ́ bí ó bá ṣeé ṣe". Kò ṣeé ṣe. Ó wá kù kí n mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá Kàbbà

Ẹ pè é lórí fóònù, tíṣà. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń fi ìwé sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ fún ọ̀gá. Ẹ sọ iye ìwé ìdánwò tó kù fún un, kí òun fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀.